Rẹsísítọ̀ Wo Ló Yẹ Tẹmísítọ̀ Yín? Bí Ẹ Ṣe Máa Yàn Án Kí Kíkà Ooru Lè Gún

Nínú ọ̀pọ̀ sákíìtì ìwọ̀n ooru tí wọ́n ti gbé wá bá mi pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, tẹmísítọ̀ 10,000 óòmù ni mo máa ń bá lókè, rẹsísítọ̀ 10,000 óòmù sì ni mo máa ń bá nísàlẹ̀. Bí mo bá béèrè ìdí tí wọ́n fi yan 10,000, ìdáhùn wọn kì í yàtọ̀: "Ṣebí iye tí tẹmísítọ̀ náà jẹ́ nìyẹn." Ìdáhùn yìí kò sọ ohunkóhun nípa ooru tí wọ́n fẹ́ wọ̀n. Ibi tí ooru náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí ló yẹ kó bá wa yan rẹsísítọ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a máa gbé yẹ̀ wò níbí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A fẹ́ wọn ooru láti 0 sí 50 dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì. Tẹmísítọ̀ wa jẹ́ 10,000 óòmù ní 25 dígírì, B rẹ̀ jẹ́ 3950, ó sì jẹ́ irú èyí tí ìdènà rẹ̀ máa ń dínkù bí ooru bá ń pọ̀ sí i. B yìí ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ìdènà náà ṣe ń yára dínkù tó. Bọ́ọ̀dù Arduino Uno, tó ń fi 5 fóòtì ṣiṣẹ́, la ó fi ka fọ́tééjì rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí bí a ṣe ṣe èyí, ẹ ó lè pààrọ̀ àwọn nọ́ńbà náà sí ti iṣẹ́ tiyín.

Ohun tí rẹsísítọ̀ náà ń ṣe

Ẹ so tẹmísítọ̀ mọ́ 5 fóòtì, ẹ so ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì mọ́ rẹsísítọ̀, kí ẹ sì so ẹsẹ̀ kejì rẹsísítọ̀ náà mọ́ gíráńdì. Oríta tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni ẹ máa fa wáyà kan jáde lọ sí píìnì A0. Apínfọ́tééjì nìyẹn. Ìpín fọ́tééjì tó máa hàn lórí A0 kò ju èyí lọ, Rt ni ìdènà tẹmísítọ̀, R sì ni rẹsísítọ̀:

```
ipin = R / (R + Rt)
```

Bí òtútù bá mú tẹmísítọ̀ gan-an, Rt á tóbi débi pé R kò ní já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fọ́tééjì á wà nísàlẹ̀, kò sì ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí ooru bá mú un gan-an, Rt á kéré jọjọ, fọ́tééjì á gun òkè, á sì tún dúró síbẹ̀ láì fẹ́ lọ síwájú mọ́. Àárín méjèèjì ni ìrìn rẹ̀ ti yá. Bí ẹ bá yà á sórí ìwé, ẹ ó rí òkè kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́, tí àárín rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí orí rẹ̀ sì tún tẹ́. Tẹmísítọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní irú àárín bẹ́ẹ̀. Ìdènà rẹ̀ kàn ń já lulẹ̀ kíákíá nígbà òtútù, tó sì ń rọra já nígbà ooru. Rẹsísítọ̀ ló fún un ní àárín tó gún.

R ló ń pinnu ibi tí àárín náà máa bọ́ sí. Bí R bá tóbi, àárín tó gún á sún lọ sí apá òtútù. Bí R bá kéré, á sún lọ sí apá ooru. Iṣẹ́ wa kò ju pé kí á wá R tó máa gbé àárín yẹn sórí 25 dígírì, tó wà láàárín 0 àti 50.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ìdènà tẹmísítọ̀ níbi mẹ́ta

Ibi mẹ́ta tí a nílò ni ìbẹ̀rẹ̀, àárín gan-an, àti òpin: 0, 25 àti 50 dígírì. Bí tẹmísítọ̀ yín bá ní ìwé tí wọ́n to ìdènà rẹ̀ sí ní dígírì kọ̀ọ̀kan, ẹ mú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ó bá jẹ́ B nìkan ni wọ́n fún yín, ẹ lo fọ́múlà yìí. R25 ni ìdènà tẹmísítọ̀ ní 25 dígírì. T inú rẹ̀ jẹ́ Kẹ́fínì, ìyẹn dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì tí ẹ fi 273.15 kún:

```
Rt = R25 * exp( B * (1/T - 1/298.15) )
```

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti 0 dígírì pa pọ̀. T jẹ́ 273.15. Ìdá kan lórí 273.15 jẹ́ 0.003660992, ìdá kan lórí 298.15 sì jẹ́ 0.003354016. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú ti ìṣáájú, ó ku 0.000306976. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3950, ó di 1.2126. Bọ́tìnnì `exp` lórí ẹ̀rọ ìṣirò á fún yín ní 3.362. Nítorí náà, ní 0 dígírì, ìdènà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 33,620 óòmù. Ẹ má ṣe gé àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì dẹ́símà kù nígbà tí ẹ bá ń ṣírò o. Bí ẹ bá kọ 0.0037 sílẹ̀ dípò 0.003660992, gbogbo rẹ̀ ti dàrú nìyẹn.

Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 50 dígírì, ẹ ó rí 3,588 óòmù. Ti 25 dígírì kò nílò ìṣirò, 10,000 ni.

Ẹ wò ó bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe jìnnà síra wọn. Láti 0 dé 25, tẹmísítọ̀ pàdánù óòmù tó lé ní 23,000. Láti 25 dé 50, kò pàdánù ju nǹkan bíi 6,400 lọ. Dígírì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kan náà ni o. Àìdọ́gba yìí gan-an ni rẹsísítọ̀ fẹ́ bá wa tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò R

Ohun tí a ń wá ni R tó máa mú kí fọ́tééjì gòkè ní ìwọ̀n kan náà láti 0 dé 25 bí ó ṣe gòkè láti 25 dé 50. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí ìṣirò, tí a sì tú u, ohun tó máa kù lọ́wọ́ wa nìyí:

```
R = (R1*R2 + R2*R3 - 2*R1*R3) / (R1 + R3 - 2*R2)
```

R1 ni ìdènà níbi tó tutù jù, R2 ni ti àárín, R3 sì ni ti ibi tó gbóná jù. Ó di dandan kí R2 jẹ́ ti àárín gbùngbùn ní dígírì. Bí ẹ bá lo 20 dípò 25, ohun tó máa jáde kò ní jẹ́ ohun tí ẹ ń wá.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tiwa sí i. R1 ní ìlọ́po R2 jẹ́ 336.2 mílíọ̀nù. R2 ní ìlọ́po R3 jẹ́ 35.9 mílíọ̀nù. Ìlọ́po méjì R1 àti R3 jẹ́ 241.3 mílíọ̀nù. Ẹ ro méjì àkọ́kọ́ pọ̀, kí ẹ sì yọ ẹ̀kẹta kúrò nínú rẹ̀, ó ku 130.8 mílíọ̀nù. Nísàlẹ̀, 33,620 àti 3,588 jẹ́ 37,208. Bí ẹ bá yọ 20,000 kúrò, ó ku 17,208. Ẹ pín in: R jẹ́ nǹkan bíi 7,600 óòmù.

Fọ́múlà mìíràn wà tí ẹ lè fi yẹ ara yín wò. Òun kì í lo ibi mẹ́ta, àárín nìkan ló ń wò, ó sì ń wá ibi tí òkè wa ti dà jù:

```
R = R2 * (B - 2*T) / (B + 2*T)
```

T jẹ́ 298.15, nítorí náà ó fún wa ní 7,377 óòmù. Àwọn méjèèjì kò bára mu tán nítorí pé ohun tí wọ́n ń wá yàtọ̀ díẹ̀, àmọ́ wọ́n sún mọ́ra tó láti fi yín lọ́kàn balẹ̀. Bí tiyín bá yàtọ̀ síra ní ìlọ́po méjì, àṣìṣe ti wọ inú ìṣirò yín níbì kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, Kẹ́fínì tí ẹ gbàgbé láti lò ló máa ń fà á.

Rẹsísítọ̀ tí wọ́n ń ṣe tó sún mọ́ nọ́ńbà méjèèjì yìí jù ni 7,500 óòmù, àwọ̀ rẹ̀ lórí èyí tó ní ìlà mẹ́rin sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eésè àlùkò, ewéko àti pupa. Òun ni a ó lò. Bí ẹ kò bá rí 7,500, ẹ má ṣe dá iṣẹ́ dúró. Ẹ to 6,800 àti 680 léra wọn lórí ìlà kan, ẹ ó ní 7,480, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo bí ó ṣe gún tó

Ẹ fi 7,500 sínú fọ́múlà ìpín. Ní 0 dígírì, ìpín náà jẹ́ 0.182. Ní 25 ó jẹ́ 0.429. Ní 50 ó jẹ́ 0.676. Ìdajì àkọ́kọ́ gòkè ní 0.246, ìdajì kejì gòkè ní 0.248. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ohun tí a wá sì nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tí 10,000 tí gbogbo èèyàn ń lò á ṣe níbi iṣẹ́ yìí kan náà. Ìpín á jẹ́ 0.229 ní 0 dígírì, 0.500 ní 25, àti 0.736 ní 50. Ìdajì àkọ́kọ́ gòkè ní 0.271, ìdajì kejì ní 0.236. Bí ẹ bá fa ìlà gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹ sì ń fi ìlà náà ka ooru, ní 25 dígírì gan-an, ẹ̀rọ yín á sọ pé ó jẹ́ 26.7. Ó máa ń dun èèyàn tó bá ti fi yìnyín àti omi gbígbóná yẹ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin wò, tó rí i pé méjèèjì péye, tí kíkà inú yàrá wá ń purọ́ fún un. Ó lè pààrọ̀ tẹmísítọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láì rí ojútùú, torí tẹmísítọ̀ kọ́ ló jẹ̀bi.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé 7,500 sọ ìlà náà di gbọọrọ pátápátá. Ibi mẹ́ta péré ni a mú kí ó dọ́gba. Láàárín wọn, ìlà náà ṣì ń tẹ̀ bọ̀rọ̀: ní 12.5 dígírì ó wà nísàlẹ̀ ìlà gbọọrọ pẹ̀lú nǹkan bíi dígírì kan, ní 37.5 ó wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú 0.8. Bí ẹ bá jẹ́ kí ìlà yín dà díẹ̀ sí i, kí ó má baà kan ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin gan-an, ẹ lè pín àṣìṣe náà káàkiri kí ó má ju 0.7 lọ níbikíbi. Ìlà tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún sákíìtì wa nìyí, `n` ni nọ́ńbà tí A0 kà, láti 0 dé 1023:

```
T = 25 + (n - 438.4) / 10.36
```

Ohun tó ń dín àṣìṣe yìí kù gidigidi ni kí ẹ dín àyè tí ẹ fẹ́ wọ̀n kù. Bí iṣẹ́ yín bá wà láàárín 15 àti 35 dígírì nìkan, sákíìtì 7,500 yìí kan náà kò ní ṣe àṣìṣe tó ju nǹkan bíi 0.07 dígírì lọ lórí ìlà gbọọrọ tí ẹ fà láàárín àyè yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ wọn 0 sí 100 pé: ṣé lóòótọ́ ni ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n máa ń dé 100? Dígírì tí ẹ kò ní lò láé, ẹ̀ ń fi ìpéye èyí tí ẹ máa lò san gbèsè rẹ̀ ni.

Ṣé a ṣì nílò èyí bí kóòdù bá lè ṣe ìṣirò?

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Arduino lè ṣe `log`, kóòdù kékeré yìí sì lè yí nọ́ńbà A0 padà sí dígírì láì lo ìlà gbọọrọ kankan:

```
float ooru(int n) {
  if (n < 5 || n > 1018) return NAN;
  float rt = 7500.0 * (1023.0 - n) / n;
  float k = 1.0/298.15 + log(rt/10000.0)/3950.0;
  return 1.0/k - 273.15;
}
```

Èmi náà, kóòdù yìí ni mo máa ń lò bí kọ̀ǹpútà kékeré bá ti wà nínú iṣẹ́ náà. Ìlà gbọọrọ wúlò gan-an níbi tí kò bá sí kóòdù rárá, bí àpẹẹrẹ níbi tí fọ́tééjì náà ti ń lọ tààrà sínú mítà alábẹ́rẹ́. Àmọ́ kóòdù kò lè bá yín dá ohun tí rẹsísítọ̀ tó burú ti sọ nù padà. A0 ní nọ́ńbà 1,024 péré. Rẹsísítọ̀ ló ń sọ bí ẹ ṣe máa pín wọn láàárín àwọn dígírì yín.

Pẹ̀lú 7,500, dígírì kọ̀ọ̀kan ń gba nọ́ńbà mẹ́jọ nítòsí 0, mọ́kànlá nítòsí 25, àti mẹ́jọ àbọ̀ nítòsí 50. Kò sí apá kan tí ebi ń pa. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan fi 100,000 óòmù síbẹ̀ nítorí òun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítòsí 50, dígírì kan á gba nọ́ńbà kan péré àti díẹ̀. Ooru á ti yí padà ní ìlàjì dígírì kí nọ́ńbà náà tó mira, kò sì sí `log` tó máa rí ohun tí A0 kò rí. Nítorí náà, yálà ẹ ó lo ìlà gbọọrọ tàbí `log`, ìṣirò R kan náà ni ẹ máa ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dán sákíìtì wò kí tẹmísítọ̀ tó dé ibẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ má tíì so tẹmísítọ̀. Ẹ fi rẹsísítọ̀ tí iye rẹ̀ dájú dípò rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: 33,000, 10,000, àti 3,600 óòmù, kí gbogbo wọn jẹ́ oní 1%. Bí kóòdù àti sákíìtì yín bá péye, èyí àkọ́kọ́ á fún A0 ní nǹkan bíi 189, kóòdù `ooru` á sì sọ pé ó jẹ́ nǹkan bíi 0.3 dígírì. Ìkejì á fún un ní 438, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 25 dígírì gan-an. Ìkẹta á fún un ní 691, ó kù fẹ́ẹ́ kí ó pé 50.

Bí àwọn nọ́ńbà yìí bá jáde dáadáa, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, tẹmísítọ̀ tàbí ibi tí ẹ gbé e sí ni kí ẹ bi. Bí wọn kò bá jáde, ẹ ti rí i pé wàhálà náà kò sí lọ́wọ́ tẹmísítọ̀. Bí nọ́ńbà bá ń lọ sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀, ẹ ti gbé rẹsísítọ̀ sókè, ẹ sì fi tẹmísítọ̀ sísàlẹ̀. Kò burú kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀, ìṣirò R kò sì yí padà, àmọ́ kóòdù gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ bá yìnyín sọ̀rọ̀

Ní báyìí, ẹ mú tẹmísítọ̀ náà wá. Ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́ kún ife, kí ẹ bu omi tútù díẹ̀ sí i tó kàn máa dí àlàfo àárín yìnyín náà. Ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí yìnyín bá ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, tí omi náà sì mọ́, 0 dígírì ló máa wà. Ẹ fi tẹmísítọ̀ sínú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kí omi má baà kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi tó bá kan ẹsẹ̀ méjèèjì á di ọ̀nà míràn fún iná láti gbà, ìdènà á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì rò pé ó gbóná. Ẹ tì í bọ àárín yìnyín, kí ẹ má fi ọwọ́ dì í mú, kí ẹ sì fi mítà ka ìdènà rẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà bá dúró.

Nọ́ńbà yẹn á sọ irú tẹmísítọ̀ tí ẹ ní. Ọ̀pọ̀ tẹmísítọ̀ 10,000 óòmù ni B wọn kì í ṣe 3950. Èyí tí B rẹ̀ jẹ́ 3435 wọ́pọ̀, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Nínú yàrá, méjèèjì á fún yín ní 10,000. Nínú yìnyín, èyí tó jẹ́ 3950 á sún mọ́ 33,000, èyí tó jẹ́ 3435 á sún mọ́ 28,000. Bí kíkà yín bá máa ń tọ̀nà nínú yàrá, tó sì ń yà kúrò lójú ọ̀nà bí ẹ bá ṣe ń lọ sí òtútù tàbí sí ooru, B ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bí ẹ bá ní tẹmọ́mítà tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ ka ìdènà náà ní 25 àti ní 50 pẹ̀lú, nínú omi tí ẹ ń rò. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ fọwọ́ ara yín kà yìí sínú fọ́múlà R ti ìgbésẹ̀ kejì. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn fọ́múlà oníbi-mẹ́ta ju èkejì lọ nìyí: kò béèrè B lọ́wọ́ yín rárá. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé B kì í dúró sójú kan lóòótọ́, ó máa ń yí díẹ̀ bí ooru ṣe ń yí, nítorí náà ìdènà tí ẹ kà nínú yìnyín lè dín díẹ̀ sí 33,620 tí a ṣírò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹmísítọ̀ yín jẹ́ ojúlówó 3950.

Àwọn ohun tó máa ń ba kíkà jẹ́ lẹ́yìn tí R ti pé

Èyí tó ṣòro láti rí jù ni pé tẹmísítọ̀ máa ń gbóná láti ọwọ́ iná tí ẹ fi ń kà á. Ní 25 dígírì, 5 fóòtì ń gba inú 17,500 óòmù kọjá, ohun tó sì ń di ooru nínú tẹmísítọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.8 mílíwáàtì. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Àmọ́ tẹmísítọ̀ kékeré tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí kò mira sábà máa ń fi dígírì kan gbóná sí i fún mílíwáàtì kan tàbí méjì. Ẹ lè máa fi nǹkan bíi ìlàjì dígírì ka ooru ara rẹ̀ mọ́ ti yàrá. Ẹ lè mọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ wá fi páálí fẹ́ afẹ́fẹ́ yàrá náà sí i. Bí kíkà bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, tó sì padà sókè nígbà tí ẹ dẹ́kun, ara rẹ̀ ló ń gbóná. Nínú omi, ooru yẹn máa ń tètè sá lọ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Dípò kí ẹ so òkè tẹmísítọ̀ mọ́ 5 fóòtì títí ayé, ẹ so ó mọ́ píìnì 7 lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ tan píìnì náà, ẹ dúró fún mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá, ẹ kà, ẹ pa á. Bí ẹ bá ń kà á lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àkókò tí iná fi ń gba inú rẹ̀ kọjá kò tó nǹkan mọ́.

```
pinMode(7, OUTPUT);
digitalWrite(7, HIGH);
delay(10);
int n = analogRead(A0);
digitalWrite(7, LOW);
```

Àwọn kan máa ń sá fún ooru yìí nípa lílo tẹmísítọ̀ 100,000 óòmù. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ máa rí i pé apá tó ń ka fọ́tééjì nínú Arduino Uno fẹ́ kí ohun tó ń fún un ní fọ́tééjì má ju nǹkan bíi 10,000 óòmù lọ. Tiwa kò ju nǹkan bíi 6,100 lọ níbi tó ga jù, ní 0 dígírì. Bí ẹ bá lo 100,000, ó máa kọjá ààlà yẹn dáadáa, àfi kí ẹ fi kapásítọ̀ 100 nF sáàárín A0 àti gíráńdì. Kapásítọ̀ náà dára níbi tiwa pẹ̀lú, pàápàá bí wáyà tẹmísítọ̀ bá gùn, torí ó ń mú kí nọ́ńbà tó ń gbọ̀n dúró. Mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá tí a fi dúró lókè yìí tó fún un láti kún.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ń fún tẹmísítọ̀ ní iná gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí A0 fi ń wọn nǹkan. Ìpín ni a ń kà. Bí 5 fóòtì bá rẹ̀ sílẹ̀ di 4.8, apá òkè àti òdiwọ̀n jọ rẹ̀ sílẹ̀ ni, ìpín kò yí padà. Bí ẹ bá wá lọ fa iná tẹmísítọ̀ láti orísun mìíràn, gbogbo ìyípadà tó bá bá orísun náà á wọlé bí ooru tí kò sí.

Lórí ìpéye rẹsísítọ̀: ní àárín àyè wa, àṣìṣe 1% lára R ń sọ ara rẹ̀ di nǹkan bíi 0.23 dígírì. 1% lára tẹmísítọ̀ ń ṣe bákan náà. Nítorí náà, rẹsísítọ̀ oní 5% lè gbé dígírì kan wọlé nìkan ṣoṣo, tẹmísítọ̀ oní 10% sì lè gbé méjì àti díẹ̀ wọlé. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi mítà ka rẹsísítọ̀ tí ẹ rà, kí ẹ sì kọ iye tó jẹ́ gan-an sínú kóòdù dípò 7500.

Bí A0 bá sọ 0, wáyà tẹmísítọ̀ ti já tàbí kò wọlé dáadáa. Kò sí ohun tó ń fa fọ́tééjì sókè mọ́. Bí ó bá sọ 1023, ẹsẹ̀ méjèèjì tẹmísítọ̀ ti kanra wọn. Ìlà `NAN` inú kóòdù wà nítorí èyí. Ẹ má yọ ọ́ kúrò bí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan yìí máa tan iná tàbí pa iná fún ohun tó ń gbóná. Wáyà tó já ń hàn bí òtútù líle, ẹ̀rọ tó bá gba òtútù yẹn gbọ́ á máa tan iná lọ láì dúró.

Bí iṣẹ́ yín bá yàtọ̀

Ká ní ẹ ń tọ́jú ẹyin nínú ẹ̀rọ ìpamọ, ooru tó jẹ yín lógún sì wà nítòsí 37.5 dígírì. Tẹmísítọ̀ kan náà jẹ́ nǹkan bíi 5,870 óòmù níbẹ̀. Ẹ fi T tó jẹ́ 310.65 sínú fọ́múlà àárín, ó fún yín ní 4,270, rẹsísítọ̀ tí ẹ máa mú sì ni 4,300. Ẹ rí i pé kò tó ìdajì 10,000 tí ẹlòmíì ì bá fi síbẹ̀ láì rò ó. Àwọn nọ́ńbà inú ìlà gbọọrọ ti òkè kò bá a mu mọ́, ẹ ní láti tún wọn ṣírò láti inú ìpín. Nínú kóòdù `ooru`, 7500.0 nìkan ni ẹ máa pààrọ̀ sí 4300.0.